Ta ló ń sọ̀rọ̀? Bí a ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìtàn

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa olóòtú. Ìbarà ni mo ń gbé níbí ní Abẹ́òkúta, mo sì ń kọ ìtàn kúkúrú kan nípa ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo fún kà ní ìtàn náà dùn, àmọ́ wọn kì í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá náà àti oníbàárà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Mo fi ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Níbo ló yẹ kí kọ́mà àti àwọn àmì yòókù wà, ìgbà wo ló sì yẹ kí n bọ́ sí ìpínrọ̀ tuntun?*

Mo da ìpínrọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ kọ síbí gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà, kí àwọn òǹkàwé yòókù lè máa fojú bá wa lọ:

> Ìyá Ṣadé tú aṣọ náà sílẹ̀ lórí ẹní ó ní ẹlẹ́kọ ni èyí o wò ó dáadáa. Folúkẹ́ fọwọ́ pa á, ó bèèrè pé “Èló ni òun máa san.” Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni. Ó ti wọ́n jù mà, mi ò lè san ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. “Ó rẹ́rìn-ín, Ọmọ mi aró ti wọ́n.” Ni Ìyá Ṣadé wí. Ó sọ pé kí n fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, ó mi orí ó ní òun yóò padà wá.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára, mi ò sì ní pààrọ̀ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń da àwọn ọ̀rẹ́ yín láàmú bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ kọ́mà. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ìpínrọ̀ yìí, ẹ sì ti pò wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé kalẹ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, tí a lè pè ní ọ̀rọ̀ tààrà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin òǹkọ̀wé gbà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹ wá ń fi ẹnu ara yín sọ fún wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ àgbàsọ. Ọ̀rọ̀ tààrà nìkan ló ń gba àmì àyọlò (“ ”). Ọ̀rọ̀ àgbàsọ kì í gbà á, bó ti wù kí ó gùn tó.

Èdè Yorùbá ti fún wa ní ohun tí a lè fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, òun náà ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí, “òun”. Bí mo bá kọ ọ́ pé Folúkẹ́ ní òun yóò padà wá, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò bèèrè ẹni tí yóò padà wá, nítorí “òun” ti so ìpadàbọ̀ náà mọ́ Folúkẹ́ tó sọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé Folúkẹ́ ní ó máa padà wá, ojú òǹkàwé yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nítorí náà, níbi tí “òun” bá ti dúró fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé ló ń gbẹnu sọ, àmì àyọlò kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Níbi tí ẹni náà bá ti pe ara rẹ̀ ní “mo”, “mi” tàbí “n”, ẹnu tirẹ̀ gan-an la ń gbọ́, àmì àyọlò sì gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ wá fi èyí wo gbólóhùn tí Folúkẹ́ fi bèèrè iye owó. Ẹ fi àmì àyọlò sí i, ẹ sì fi “òun” sínú rẹ̀. Bí òǹkàwé bá gba àmì yín gbọ́, Folúkẹ́ ń bèèrè iye tí ẹlòmíràn kan máa san, kì í ṣe iye tí òun fúnra rẹ̀ máa san. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

> Folúkẹ́ bèèrè pé èló ni òun máa san.

Tàbí kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

> Folúkẹ́ bèèrè pé, “Èló ni mo máa san?”

Méjèèjì ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kẹta láàárín wọn. Ẹ kíyè sí i pé àmì ìbéèrè wà nínú èkejì, kò sì sí nínú àkọ́kọ́, nítorí pé nínú àkọ́kọ́, ẹ̀yin òǹkọ̀wé kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa, ẹ kàn ń sọ fún wa pé ẹnìkan bèèrè ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi àmì ìbéèrè sí irú rẹ̀ nítorí pé wọ́n rí “èló” tàbí “ṣé” nínú gbólóhùn náà. Èmi kì í gbà á wọlé.

Mi ò sọ pé “òun” kò lè wọ inú àmì àyọlò rárá o. Bí Folúkẹ́ bá nawọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó sì ní, “Òun ló mú mi wá,” ọ̀rẹ́ náà ni “òun” yẹn, gbólóhùn náà sì tọ̀nà. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni kí ẹnìkan máa pe ara rẹ̀ ní “òun” nínú àmì àyọlò.

Àṣìṣe yìí tún wà ní òdì-kejì nínú gbólóhùn yín tó kẹ́yìn, níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ó sọ pé kí n fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Kò sí àmì àyọlò níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń sọ ìtàn ló ni “n” náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ìtàn kò sí ní ọjà yẹn! Folúkẹ́ ni Ìyá Ṣadé ń bá wí. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á sọ, ẹ kọ ọ́ pé Ìyá Ṣadé ní kí ó fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Bí ẹ bá fẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá náà, ẹ mú “kí” kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ pé Ìyá Ṣadé ní, “Fi ẹgbẹ̀rún kan lé e.” Ibi gbogbo tí ẹ bá ti rí “ó ní kí” tàbí “ó sọ pé kí”, àgbàsọ ni, ẹ má ṣe wá àmì àyọlò síbẹ̀.

Ó yé mi ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í ka àmì yìí sí. Bíbélì Yorùbá àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ìlú wa fi kọ́ ìwé kíkà, kò lo àmì àyọlò rárá. Kọ́mà àti lẹ́tà ńlá nìkan ló fi ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀. Ojú wa ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe nínú ìwé tí a máa ń kà sókè, tí ohùn òǹkàwé yóò ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìtàn tí ẹnìkan jókòó kà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, níbi tí ènìyàn méjì ti ń ná ọjà kíákíá, kò tó, nítorí kò sí ohun tí yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ní báyìí tí a ti mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tààrà, ẹ jẹ́ kí a wá fi àmì sí i. Nínú èdè wa, ibi tí ọ̀rọ̀ atọ́ka, ìyẹn “ó ní”, “ó dáhùn pé”, “ó bèèrè pé” àti irú wọn, ti máa ń gbé jùlọ ni iwájú. Bí ó bá wà ní iwájú, kọ́mà ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àmì àyọlò yóò ṣí, lẹ́tà ńlá yóò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àmì tó parí ọ̀rọ̀ náà yóò sì wà nínú kí a tó ti àmì àyọlò pa.

> Ó ní, “Ẹlẹ́kọ ni èyí o. Wò ó dáadáa.”

Àmì ìdánudúró (.) tó wà lẹ́yìn “dáadáa” ti parí ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣadé, ó sì ti parí gbólóhùn yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fi òmíràn kún un lẹ́yìn àmì àyọlò.

Bí ọ̀rọ̀ atọ́ka bá wá wà lẹ́yìn, “ni” ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: “ni Folúkẹ́ bèèrè”, “ni ó wí”, “ni ìyá náà dáhùn”. Ibí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé, ó sì yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. “Ni Ìyá Ṣadé wí” kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn, nítorí ohun tí ó wí ni orí rẹ̀, orí náà sì wà nínú àmì àyọlò. Nígbà tí ẹ kọ “aró ti wọ́n” tí ẹ fi àmì ìdánudúró sí i, tí ẹ wá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ “Ni”, ẹ ti gé orí kúrò lára. Kọ́mà ló yẹ kí ó wà níbẹ̀, nínú àmì àyọlò, kí “ni” sì jẹ́ lẹ́tà kékeré:

> “Ọmọ mi, aró ti wọ́n,” ni Ìyá Ṣadé wí.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ìbéèrè tàbí igbe, àmì ìbéèrè tàbí àmì ìyanu yóò gba ipò kọ́mà, a kì í fi méjèèjì síbẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n “ni” yóò ṣì jẹ́ lẹ́tà kékeré, nítorí gbólóhùn kò tíì parí:

> “Èló ni mo máa san, mà?” ni ó bèèrè.

Ẹ ṣọ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín níbí, nítorí bí ó bá ti rí àmì ìbéèrè, ó lè sọ “ni” di “Ni” fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí ìtàn, ẹ wá gbogbo ibi tí “Ni” ti tẹ̀ lé àmì àyọlò, kí ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ́mà mìíràn tún wà nínú gbólóhùn méjèèjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí ẹ kò fi sínú tiyín. Ó wà lẹ́yìn “Ọmọ mi”, ó sì wà ṣáájú “mà”. Nígbàkígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá pe ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ orúkọ, ìbáà jẹ́ “ẹ̀gbọ́n”, “bàbá” tàbí “ọmọ mi”, kọ́mà ni a fi ń yà á sọ́tọ̀. Bí kò bá sí, “Ọmọ mi aró ti wọ́n” lè mú kí òǹkàwé rò pé ẹnìkan wà tí ń jẹ́ Aró.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ atọ́ka máa ń wà láàárín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ara yín: bí mo bá yọ atọ́ka náà kúrò, ṣé gbólóhùn kan ni ohun tó kù, àbí méjì? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, kọ́mà ni yóò tẹ̀ lé atọ́ka náà, ọ̀rọ̀ yóò sì padà pẹ̀lú lẹ́tà kékeré: “Bí o bá fi ẹgbẹ̀rún kan lé e,” ni Ìyá Ṣadé wí, “mo máa bá ọ dì í.” Bí ó bá jẹ́ méjì, àmì ìdánudúró ni yóò tẹ̀ lé atọ́ka, kí lẹ́tà ńlá sì bẹ̀rẹ̀ èkejì: “Ọmọ mi, aró ti wọ́n,” ni Ìyá Ṣadé wí. “Fi ẹgbẹ̀rún kan lé e.”

Mo fẹ́ kí ẹ lo “ni ó wí” tó gbẹ̀yìn níwọ̀nba. Ibi tí ó ti wúlò jù ni ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ba òǹkàwé, bí ìbéèrè òjijì tàbí igbe. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìtàn bá ń parí pẹ̀lú rẹ̀, ìtàn náà yóò máa dún bí ohun tí a túmọ̀ láti èdè mìíràn, nítorí kì í ṣe bí àwa Yorùbá ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ fún ara wa nìyẹn. “Ó ní” iwájú ni kí ó jẹ́ ilé yín.

Ohun kan tún wà nínú ìpínrọ̀ yín tó jọ ọ̀rọ̀ atọ́ka tí kì í ṣe atọ́ka. Ẹ kọ “Ó rẹ́rìn-ín” sínú àmì àyọlò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣadé, bí ẹni pé ó sọ ọ́ jáde, ẹ sì fi kọ́mà so ó mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀rọ̀. A kò lè fi ẹ̀rín sọ pé aró ti wọ́n. Ọ̀nà tí mo fi ń dán ọ̀rọ̀-ìṣe wò ni pé kí n fi “pé” sí i lẹ́yìn. A máa ń sọ pé, a máa ń dáhùn pé, a máa ń bèèrè pé, a máa ń pariwo pé, a máa ń ráhùn pé. Gbogbo ìwọ̀nyí lè jẹ́ atọ́ka, kọ́mà sì lè so wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pé, kò sí ẹni tó ń mi orí pé, kò sí ẹni tó ń tú aṣọ sílẹ̀ pé. Ìṣe lásán ni wọ́n, gbólóhùn tiwọn ni wọ́n sì ń ní, pẹ̀lú àmì ìdánudúró tiwọn, yálà wọ́n wà ṣáájú ọ̀rọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. “Ní” nìkan ni kò nílò “pé” nínú ìdánwò yìí, nítorí “ó ní” ti tó fúnra rẹ̀.

> Ìyá Ṣadé rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, aró ti wọ́n.”

Ẹ wo bí ìṣe náà ti ṣe iṣẹ́ atọ́ka láìjẹ́ atọ́ka. Nígbà tí a ti rí Ìyá Ṣadé tó rẹ́rìn-ín, tí ọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e nínú ìpínrọ̀ kan náà, a ti mọ ẹni tó sọ ọ́. Òǹkọ̀wé tó bá mọ èyí lò kò ní máa wá “ó ní” ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ìpínrọ̀ bá wà ní ipò tó yẹ, òun ló sì kàn báyìí.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a óò bọ́ sí ìpínrọ̀ tuntun. Ìyẹn kò le. Èyí tí wọn kì í sábà mọ̀ ni ibi tí ìṣe yóò wà. Ìpínrọ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo: ohun tí ó ṣe àti ohun tí ó sọ ń gbé pọ̀ níbẹ̀, ohun tí ẹnìkejì ṣe ní ìdáhùn sì ń lọ sí ìpínrọ̀ tirẹ̀, kódà bí ẹnìkejì kò bá sọ ohunkóhun. Bí ẹ bá kọ “Fi ẹgbẹ̀rún kan lé e,” tí ẹ wá kọ ọ́ nínú ìpínrọ̀ kan náà pé Folúkẹ́ mi orí, òǹkàwé tó ń kà kíákíá lè rò pé Folúkẹ́ ló ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín nìyẹn. Nínú ìpínrọ̀ yín, “ó” méjì ló tẹ̀ lé ara wọn ní ìparí, “ó sọ” àti “ó mi orí”. Ìyá Ṣadé ni àkọ́kọ́, Folúkẹ́ ni èkejì, kò sì sí ohun kankan tó yà wọ́n. “Ó” wa kò sọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò sì sọ ẹnìkan yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, nítorí náà ìpínrọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa.

Báyìí ni èmi yóò ṣe to ìran náà:

> Ìyá Ṣadé tú aṣọ náà sílẹ̀ lórí ẹní. Ó ní, “Ẹlẹ́kọ ni èyí o. Wò ó dáadáa.”
>
> Folúkẹ́ fọwọ́ pa á. “Èló ni mo máa san, mà?” ni ó bèèrè.
>
> “Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni.”
>
> “Ó ti wọ́n jù, mà. Mi ò lè san ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ.”
>
> Ìyá Ṣadé rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, aró ti wọ́n,” ni ó wí. “Fi ẹgbẹ̀rún kan lé e.”
>
> Folúkẹ́ mi orí. Ó ní òun yóò padà wá.

Mo fi gbólóhùn tó kẹ́yìn sílẹ̀ ní àgbàsọ bí ẹ ti kọ ọ́, nítorí mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ná ọjà rí ló mọ “mò ń padà bọ̀” tí oníbàárà máa ń sọ, kò sì sí ohun tuntun tí a ó gbọ́ nínú ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ohùn ni kí ẹ fi sínú àmì àyọlò. Èyí tó kàn jẹ́ ìròyìn, ẹ gbà á sọ kí ẹ sì kọjá.

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kẹta àti ìkẹrin kò ní atọ́ka kankan, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ṣi wọ́n mọ̀. Nǹkan méjì ló ràn wá lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ènìyàn méjì péré ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni ọ̀wọ̀ tó wà nínú èdè wa. Folúkẹ́ ń sọ “mà”, Ìyá Ṣadé sì ń sọ “wò ó” àti “ọmọ mi”. Níbi tí àgbà àti ọmọdé bá ti ń sọ̀rọ̀, “ẹ” àti “o” yóò máa sọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ fún wa, ẹ sì lè fi atọ́ka sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, tí àwọn méjèèjì ń sọ “o” fún ara wọn, tàbí tí àwọn méjèèjì jẹ́ àgbà tí ń sọ “ẹ” fún ara wọn, àmì yẹn kò sí mọ́. Níbẹ̀, èmi kì í jẹ́ kí ó ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ láìfi orúkọ tàbí ìṣe kan tọ́ka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá di mẹ́ta, ẹ má ṣe fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìtọ́ka sí i, àfi bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dá yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀wọ̀ yìí kan náà lè ṣe ìpalára. Bí ẹ bá ń pe Ìyá Ṣadé ní “wọ́n” nítorí pé ó jẹ́ àgbà, tí àwọn oníbàárà mìíràn sì wọ ìsọ̀ náà, “wọ́n ní” kò ní jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ìyá náà ló sọ̀rọ̀ tàbí àwọn oníbàárà. Ẹ má ṣe yí i padà sí “ó” láàárín ìtàn nítorí èyí, nítorí yóò dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé ṣàdédé dẹ́kun láti máa bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ lo orúkọ rẹ̀ nínú atọ́ka, kí ẹ fi “wọ́n” sílẹ̀ fún ibi tí ọ̀nà ti mọ́.

Nípa bí ìpínrọ̀ ṣe ń rí lójú ìwé, ẹ ti ìlà àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ má sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ìpínrọ̀ àti ìpínrọ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú fóònù ni wọn ó ti kà á, ẹ lè fi àlàfo sílẹ̀ dípò títì wọlé. Ẹ má ṣe lo méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì ṣe kọ “Folúkẹ́:” síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti ń ṣe nínú eré oníṣe, nítorí òǹkàwé ìtàn kò ní òṣèré tí yóò máa wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ gígùn. Nínú ìtàn yín, mo rò pé Ìyá Ṣadé yóò ní ibì kan tí yóò ti sọ bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ aró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè ju ìpínrọ̀ kan lọ. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ń sọ̀rọ̀ lọ títí dé ìpínrọ̀ kejì, a kì í ti àmì àyọlò pa ní ìparí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a óò tún un ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Àmì tí a kò tì pa ń sọ fún òǹkàwé pé ẹni náà kò tíì dákẹ́. Èyí tí a tún ṣí ń rán an létí pé inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni òun ṣì wà.

> “Ìyá mi ló kọ́ mi ní aró. Páànù tí wọ́n ti gé iṣẹ́ sí lára ni a máa ń tẹ́ sórí aṣọ, kí a tó fi ẹ̀kọ láfún rá a lórí. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un.
>
> “Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a ṣe, ẹ̀kọ náà ṣàn jù, iṣẹ́ náà sì dàrú. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní, ‘Fọ̀ ọ́, kí o tún un ṣe.’ Wọn ò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wà nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣadé, nítorí náà àmì ẹlẹ́yọ kan (‘ ’) ni mo fi sí i nínú àmì oníméjì. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá parí síbì kan náà, àmì ẹlẹ́yọ kan ni a óò kọ́kọ́ tì, kí oníméjì tó tẹ̀ lé e, àmì ìdánudúró ẹyọ kan yóò sì wà ṣáájú méjèèjì. Òwe kò nílò irú àmì yìí. Ẹni tó bá pa òwe ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kọ́mà lẹ́yìn “àwọn àgbà ní” sì ti tó o.

Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìtẹ̀wé kan máa ń fi ẹlẹ́yọ kan síta, tí wọ́n sì máa ń fi oníméjì sínú. Kò burú bí ẹ bá lò ó bákan náà jálẹ̀ ìwé, ṣùgbọ́n fún ìwé Yorùbá, oníméjì síta ni èmi yóò gbà yín ní ìmọ̀ràn, pàápàá bí ẹ bá ṣì ń kọ “n’ílé” àti “l’ọ́jà” bí wọ́n ti ń kọ ọ́ látijọ́. Àmì kékeré tó wà nínú “l’ọ́jà” kò yàtọ̀ sí àmì ẹlẹ́yọ kan tó ń ti ọ̀rọ̀ pa. Òǹkàwé tó bá pàdé rẹ̀ nínú ‘Mo bá a l’ọ́jà’ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí kí ó tó parí. Àkọtọ́ tí a ń lò láti 1974 ti mú àmì yẹn kúrò, “nílé” àti “lọ́jà” ni ó ní kí a máa kọ. Bí ẹ bá ti tún ìtàn yín ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá gbogbo àmì ẹlẹ́yọ kan tó kù nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí kò bá sí nínú àmì oníméjì, ẹ wádìí ohun tó ń ṣe níbẹ̀.